Ka Ẹyin Aràn Kí O Tó Yí Oògùn Padà

Lásìkò òjò, aràn kan tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú àpòlúkù àgùntàn máa ń gbilẹ̀. Àgùntàn tó bá ní i lọ́pọ̀ kì í sábà ṣunú. Inú ìpéǹpéjú rẹ̀ ló máa ń funfun, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ sì lè wú.

Ká tó mọ̀ bóyá oògùn wa ṣì ń pa á, ẹyin rẹ̀ la ó kà. A ó po ìgbẹ́ tútù gíráàmù 4 mọ́ mílílítà 56 omi tí iyọ̀ kún dẹ́nu, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì dà á sínú gíláàsì ìkàyẹ oníyàrá méjì. Ẹyin á léfòó, maikirosíkóòpù la ó fi wò ó. Iye tó wà nínú yàrá méjèèjì lọ́nà 50 ni ẹyin inú gíráàmù kan.

Ká ní a rí ẹyin 24, ó di 1,200. A lo oògùn; lẹ́yìn ọjọ́ 14, a rí 6, ìyẹn 300. Ìdá 75 nínú 100 péré ló lọ, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó tó 95. Bí ìwọ̀n oògùn bá ara àgùntàn mu, aràn náà ti ń borí oògùn nìyẹn. Ẹ yan oògùn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà mìíràn; kì í ṣe orúkọ ara ike nìkan ni kó yàtọ̀.

Ẹ má sì fún gbogbo agbo lóògùn lóṣooṣù, torí aràn tí oògùn ò ràn nìkan ni yóò ṣẹ́kù láti bímọ. Àwọn tí ìpéǹpéjú wọn funfun ni kẹ́ ẹ fún, kódà bí ẹyin ò bá pọ̀: ọmọ aràn ń mu ẹ̀jẹ̀ kó tó yé ẹyin.