Owó Ẹyọ Ọba Albert: Orí 140, Ẹ̀yìn 110

Ọjọ́ kìíní oṣù Kíní ọdún 2002 ni owó yúrò bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará ìlú ní Yúróòpù, ọ̀sẹ̀ náà kò sì tíì parí tí àwọn kan fi ń bú u pé kò dọ́gba. Ní ilẹ̀ Pólàńdì, àwọn olùkọ́ méjì, Tomasz Gliszczyński àti Wacław Zawadowski, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, mú ẹyọ yúrò kan tí wọ́n rọ ní Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n gbé e dúró lórí tábìlì, wọ́n sì ń yí i kí ó máa pòòyì títí yóò fi ṣubú. Ìgbà 250 ni wọ́n yí i. Orí Ọba Albert Kejì wà lókè nígbà 140, ẹ̀yìn owó náà sì wà lókè nígbà 110. Ìwé ìròyìn Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde. Barry Blight, onímọ̀ ìṣirò ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ fún wọn pé èsì náà mú ìfura dání: bí owó bá dọ́gba, èsì tó jìnnà sí ìdajì tó báyìí kì í wáyé ju bí ìgbà 7 lọ nínú 100.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ka gbólóhùn yẹn sí pé ó ku 7 nínú 100 kí owó náà jẹ́ owó tó dọ́gba. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí iye yẹn ń sọ ni bí èsì ṣe máa ń rí tí a bá ti gbà tẹ́lẹ̀ pé owó náà dọ́gba. Ohun tí àwa fẹ́ mọ̀ gba ọ̀nà òdì-kejì: èsì ti wà nílẹ̀, kí ló yẹ ká gbà gbọ́ nípa owó náà? Ìbéèrè yìí gan-an ni Thomas Bayes, àlùfáà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣiṣẹ́ lé lórí. Ó kú ní 1761 láìtẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Richard Price ló bá a fi ránṣẹ́, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní 1763.

Ẹ jẹ́ ká pe ìdá tí orí máa ń kó nínú gbogbo yíyí, bí a bá ń yí i lọ láìdúró, ní p. Owó tó dọ́gba, p rẹ̀ jẹ́ 0.5. Kí a tó yí owó lẹ́ẹ̀kan, a ti ní èrò kan nípa p, ì báà ṣe èrò ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èrò ìṣáájú yìí ni à ń fi bẹ́tà kọ sílẹ̀, nọ́ńbà méjì péré ló sì gbà: Beta(a, b). Ọ̀nà tó rọrùn jù láti kà á ni pé a dà bí orí tí a ti rí tẹ́lẹ̀, b sì dà bí ẹ̀yìn tí a ti rí tẹ́lẹ̀. Beta(1, 1) ni ti ẹni tí kò gbè sí ibì kankan: gbogbo ìdá láti 0 dé 1 ló jọra lójú rẹ̀. Beta(100, 100) ni ti ẹni tó gbà pé àwọn tó ń rọ owó mọ iṣẹ́ wọn. Lójú tirẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé p wà láàárín 0.43 àti 0.57. Bí ẹni tó ti bá aládùúgbò rẹ̀ gbé fún ogún ọdún ni ẹni kejì yìí rí. Ẹ̀sùn tó ta létí rẹ̀ kò ní yí ọkàn rẹ̀ padà kíákíá bí ó ṣe máa yí ti ẹni tó kó dé lánàá.

Nígbà tí èsì bá dé, ìròpọ̀ lásán ni iṣẹ́ tó kù. Orí tí a rí, a fi kún a. Ẹ̀yìn tí a rí, a fi kún b. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti Beta(1, 1) di Beta(141, 111). Àárín èrò rẹ̀ tuntun ni 141 tí a pín sí 252, ìyẹn bíi 0.56. Láti mọ bí èrò náà ṣe fẹ̀ tó, a ó sọ 0.56 di ìlọ́po 0.44, a ó pín in sí 253, tí í ṣe àpapọ̀ nọ́ńbà méjèèjì pẹ̀lú ẹyọ kan lé, a ó sì wá gbòǹgbò onílọ̀ọ́po-méjì rẹ̀: 0.031. Ká lọ sí apá méjèèjì ní ìlọ́po méjì iye yẹn, díẹ̀ ló sì kù, a ó rí i pé ìṣeéṣe 95 nínú 100 ló wà pé p wà láàárín 0.498 àti 0.62. Ìdajì ṣì wà nínú rẹ̀, àmọ́ etí ibẹ̀ ló rọ̀ mọ́.

Olórí kunkun wa ńkọ́? Beta(240, 210) ni tirẹ̀. Àárín rẹ̀ jẹ́ 0.533, ààlà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti 0.487 dé 0.579. Èsì kan náà ni àwọn méjèèjì rí, ẹnu wọn kò sì kò. Àwọn kan máa ń fi èyí bú ọ̀nà Bayes pé ìfẹ́ inú ẹni ló fi ń ṣírò. Lójú tèmi, ó sàn kí ìfẹ́ inú ẹni wà lórí tábìlì níbi tí gbogbo wa ti lè rí i ju kí ó sá pamọ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni àríyànjiyàn náà kò ní pẹ́ títí: ká ní wọ́n yí i nígbà 1000 tí orí sì jẹ́ 560, ẹni àkọ́kọ́ yóò wà ní 0.56, ẹni kejì yóò wà ní 0.55, ààlà àwọn méjèèjì yóò sì ti fi ìdajì sílẹ̀.

Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣubú ni pé wọ́n á mú èrò tuntun, wọ́n á sọ ọ́ di èrò ìṣáájú, wọ́n á sì tún ro èsì kan náà mọ́ ọn. Beta(141, 111) á wá di Beta(281, 221). Àárín rẹ̀ kò kúrò ní 0.56, nítorí náà ojú kì í tètè rí i, ṣùgbọ́n ààlà ti sún jọ sí 0.516 àti 0.603, owó tí kò ṣẹ̀ sì ti di arúfin. Ọ̀nà tí a fi ń mú un ni pé ká ro nọ́ńbà méjèèjì pọ̀, ká yọ ti èrò ìṣáájú kúrò. Ohun tó kù gbọ́dọ̀ jẹ́ iye ìgbà tí a yí owó. Níhìn-ín, 502 dín 2 jẹ́ 500, ìgbà 250 péré sì ni wọ́n yí i.

Bẹ́tà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ o. Ó tẹ́ èrò wa sílẹ̀ káàkiri láti 0 dé 1, kò sì fi òkìtì pàtàkì kankan sórí 0.5. Nítorí náà, bí a bá bi í pé ṣé p jẹ́ 0.5 géérégé, kò ní ìdáhùn. David MacKay ti Yunifásítì Kéńbíríìjì gba ọ̀nà mìíràn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2003: ó gbé èrò méjì kojú ara wọn, owó tó dọ́gba géérégé àti owó tí p rẹ̀ lè jẹ́ ohunkóhun. Èrò kejì pín ìṣeéṣe rẹ̀ lọ́gbọọgba fún gbogbo iye orí láti 0 dé 250, oríṣi 251; orí 140 gan-an gba nǹkan bíi 4 nínú 1000. Owó tó dọ́gba fún orí 140 kan náà ní nǹkan bíi 8 nínú 1000. Èsì tí gbogbo ayé ń fi bú owó náà, ẹ̀yìn owó tó dọ́gba ló wà ní ìlọ́po méjì! Lóòótọ́, ẹni tó bá ti mú 0.56 gan-an kí wọ́n tó yí owó ì bá rí ẹ̀rí tó tó ìlọ́po mẹ́fà fún èrò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló mú un kó tó rí èsì?

Kò sì sí èyí tó kan jíju owó sókè nínú gbogbo ìṣirò yìí. Owó tó ń pòòyì lórí tábìlì ń fi etí rẹ̀ kan igi, nítorí náà bí wọ́n ṣe gé etí náà àti ẹ̀gbẹ́ tó wúwo jù lè darí ìṣubú rẹ̀. Èyí tí a jù sókè tí a sì fi àtẹ́lẹwọ́ hán kò fara kan nǹkan kan. Rẹfirí tó fẹ́ fi ẹyọ Ọba Albert pín ẹ̀gbẹ́ pápá kò lè mú Beta(141, 111) lò. Láti Beta(100, 100) ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, bí òun náà bá jẹ́ olórí kunkun.