Àrá Sán, Iná Ga Jù, Jẹnẹrétọ̀ Kú: Èwo Ni Adójútòfò Máa San?

Bí fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n bá bàjẹ́ lóru òjò, ohun tí iléeṣẹ́ adójútòfò máa kọ́kọ́ bi onílé ni pé: kí ló bà wọ́n jẹ́? Ìdáhùn yẹn ló máa sọ bóyá owó á jáde.

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò ilé ní Nàìjíríà, àrá wà lára ohun tí wọ́n ń sanwó lé lórí, òun àti ìjàǹbá iná. Àmọ́ àrá tó sán lu ilé sábà máa ń fi àpá sílẹ̀: ògiri á là, wáyà á yọ́, páànù tàbí ẹ̀ríà orí òrùlé á dúdú. Àpá yìí ni ẹni tí iléeṣẹ́ bá rán wá máa wò.

Ti iná mọ̀nàmọ́ná tó ga jù yàtọ̀. Nǹkan bíi fóòtì 230 ló yẹ kó wọ ilé. Bí wáyà tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní níútrà bá já lórí òpó, ti ilé kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400, kí ti aládùúgbò máa ṣe bàìbàì. Gílóòbù á tàn yòò, fáànù á máa sáré àsápajúdé, kó tó di pé èéfín yọ lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò ló yọ irú ìbàjẹ́ yìí sílẹ̀, àfi bí onílé bá san àfikún owó fún un.

Ká sọ pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nílé kan ní Ìbàdàn. Tẹlifíṣọ̀n 400,000 náírà gbiná, iná náà sì ran kọ́tìnì àti àga tí àpapọ̀ owó wọn jẹ́ 250,000. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, kò pẹ́ tí òun náà fi nọ́ọ̀kì, nítorí ọ́ìlì inú rẹ̀ ti gbẹ. Àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ 180,000. Níbi tí ìwé bá ti yọ iná tó ga jù sílẹ̀, ohun tó bá kù nínú 250,000 nìkan ni wọ́n máa gbà, lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ìpín tí onílé gbọ́dọ̀ fara mọ́. Ìjàǹbá iná ló jó kọ́tìnì àti àga, ṣùgbọ́n iná tó ga jù ló ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ́ńjìnnì tó gbó tàbí tó nọ́ọ̀kì kì í sí nínú adójútòfò ilé. Adójútòfò ìbàjẹ́ ẹ̀rọ ló wà fún ẹ̀rọ tó bàjẹ́ lójijì, kì í ṣe fún èyí tó gbó, àwọn iléeṣẹ́ ló sì sábà ń rà á. Àmọ́ bí jẹnẹrétọ̀ bá wà lára ẹrù tí wọ́n kọ sínú ìwé, tí àrá tàbí ìjàǹbá iná bà á jẹ́, onílé lè béèrè owó rẹ̀. Bí olè bá gbé e níta, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ máa béèrè àpá ilẹ̀kùn tí wọ́n já.

Nítorí náà, ẹ má tíì da ohun tó jóná nù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ tètè fi tó iléeṣẹ́ létí, kí oníṣẹ́ iná sì kọ ohun tó fa ìbàjẹ́ sínú ìwé. “Tẹlifíṣọ̀n kò ṣiṣẹ́ mọ́” nìkan kò tó.