Apá Tó Ń Ro Akọ̀wé, àti Bí A Ṣe Lè To Tábìlì Tí A Fi Ń Tẹ̀wé

Àsìkò iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tún ti dé ní Gwágwáládà, kọ̀ǹpútà kò sì ní sinmi mọ́. Bí ẹ bá jókòó ti ẹnikẹ́ni tó wà ní ọdún àṣekágbá, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí i tí yóò máa fi ọwọ́ kan wọ́ apá kejì. Ohun tó ń dùn ún kì í sábà jẹ́ ìka tó fi ń tẹ̀wé. Láti ìgbọ̀nwọ́ títí dé ọrùn ọwọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká dán nǹkan kan wò. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún di apá òsì mú ní ibi tí ẹran pọ̀ sí nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ wá máa mi àwọn ìka òsì bí ẹni tó ń tẹ̀wé. Ṣé ẹ rí i pé ẹran tí ẹ dì mú ń lọ ń bọ̀? Ibẹ̀ ni agbára ìka ti ń wá. Iṣan gígùn bí okùn ló ti apá bọ̀, tó gba ọrùn ọwọ́ kọjá, tó sì ń fa ìka bí ẹni ń fa omi nínú kànga. Bí ọrùn ọwọ́ bá tọ́, okùn náà ń lọ geere. Bí ó bá tẹ̀ sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, okùn yóò máa ha mọ́ ibi tó ti tẹ̀, ẹran apá yóò sì di ẹlẹ́rù méjì: yóò máa fa ìka, yóò tún máa gbé ọwọ́ dúró. Ẹrù kejì yìí ló wúwo jù, nítorí kò sí àyè ìsinmi kankan nínú rẹ̀.

Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló mú àìsàn yìí wá. Ní ọdún 1713, oníṣègùn ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Bernardino Ramazzini kọ̀wé nípa àwọn akọ̀wé ayé ìgbà náà, tí gègé ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ó ní ohun mẹ́ta ló ń bá wọn jà: ìjókòó pípẹ́, ọwọ́ tó ń rìn sí ọ̀nà kan ṣoṣo láìdúró, àti ìfòyà ọkàn kí wọ́n má baà ṣàṣìṣe. Ó sọ̀rọ̀ akọ̀wé kan tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ òsì kọ́ ìwé kíkọ, kò sì pẹ́ tí àìsàn náà fi ṣí lọ sí òsì. Ìyẹn ni pé bí a bá gbé iṣẹ́ láti ọwọ́ kan sí èkejì, tí ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é kò yí padà, a kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ọ̀nà wo wá ni a ń gbà ṣe é? A mú tépù àwọn aránṣọ, a sì wọn ibi tí ẹnì kan nínú wa ti ń tẹ iṣẹ́ rẹ̀. Ìjókòó àga oníke rẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 42. Nígbà tó jókòó, tó sì jẹ́ kí apá rẹ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 23 ga ju ìjókòó lọ; àròpọ̀ rẹ̀ láti ilẹ̀ jẹ́ 65. Tábìlì ga ní 75, kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ sì tún fi 2 kún un. Ẹ wò ó! Sẹ̀ǹtímítà 12 ni lẹ́tà fi ga ju ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lọ. Abájọ tó fi ń gbé èjìká sókè bí ẹni tí òtútù mú, tó sì ń fi ọrùn ọwọ́ lé etí tábìlì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀ sẹ́yìn.

Òfin ibẹ̀ ni pé kí lẹ́tà àti ìgbọ̀nwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò sẹ́ni tí yóò gé ẹsẹ̀ tábìlì tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí náà ìjókòó la gbé sókè. A ki àga oníke méjì tí kò lápá bọ inú ara wọn, ìyẹn fún wa ní sẹ̀ǹtímítà 4. A gbé fóòmù líle lé e, ó fi 6 kún un lẹ́yìn tó ti jókòó lé e. (Ìrọ̀rí kò ṣe é lò, yóò pẹlẹbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú.) Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ dé 75. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wá ń fì lófuurufú, etí àga sì ń tẹ abẹ́ itan rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tó fi tún fà síwájú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀. Rímù bébà A4 kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 5. A to méjì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bọ́ sí i.

Ojú kọ̀ǹpútà ló kù. Kọ̀ǹpútà alágbèéká so ojú mọ́ lẹ́tà pọ̀, nítorí náà bí ọwọ́ bá gbádùn, ọrùn yóò tẹ̀. Bí ọrùn bá gbádùn, ọwọ́ ni yóò jìyà. Ẹni tó bá lè ra kíbọọ̀dù lọ́tọ̀ kó rà á, kó wá fi ìwé to kọ̀ǹpútà sókè títí etí òkè rẹ̀ yóò fi bá ojú mu. Ẹ má ṣe ṣí ẹsẹ̀ kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kíbọọ̀dù o. Ó ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ohun tó sì ń ṣe ni pé ó ń mú ọrùn ọwọ́ tẹ̀ sẹ́yìn. Kí máòsì náà sún mọ́ kíbọọ̀dù, kí a má baà máa na apá lọ bá a.

Èyí kan àwa tí a ń fi Yorùbá kọ̀wé ju àwọn mìíràn lọ. Ẹni tó bá ń fi máòsì wá ẹ, ọ àti ṣ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ ro iye ìgbà tí yóò na apá lójú ewé kan ṣoṣo. Nínú Microsoft Word, ẹ lè tẹ nọ́ńbà lẹ́tà náà, kí ẹ sì tẹ Alt+X tẹ̀lé e:

```
1EB9  Alt+X  →  ẹ
1ECD  Alt+X  →  ọ
1E63  Alt+X  →  ṣ
```

Èyí tó tún dára jù ni kí ẹ fi kíbọọ̀dù Yorùbá kún èdè inú Windows, kí ọwọ́ má kúrò lórí lẹ́tà rárá.

Tábìlì tó dára jù lọ kò lè gba ẹni tí kò dìde sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí: iná dé ní agogo mẹ́jọ alẹ́, a ó sì tẹ̀wé láìgbórí sókè títí wọn yóò fi mú un lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 30, ẹ dìde fún ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ jẹ́ kí apá rọ̀ sílẹ̀. Bátìrì kò ní tán nítorí ìyẹn.

Bí apá bá kàn ń ro, tó sì ń lọ lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ díẹ̀, àtúntò yìí lè tó. Èyí tó yàtọ̀ ni kí ọwọ́ máa kú lóru, kí ó máa ṣe bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú àtàǹpàkò, ìka tó tẹ̀ lé e àti ìka àárín, tí ọmọńdinrín kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára kan ló ń fún nínú ihò tóóró ọrùn ọwọ́, níbi tí okùn ìka mẹ́sàn-án ti ń bá a dù àyè. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ méjèèjì kan ara wọn níwájú àyà, kí ìka kọjú sílẹ̀, fún ìṣẹ́jú kan. Bí kíkú náà bá dé, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò yìí lè tanni. Ẹ má sì yára dá kíbọọ̀dù lẹ́bi nínú èyí, nítorí oyún àti ìtọ̀ ṣúgà náà máa ń fà á. Ẹni tí àtàǹpàkò rẹ̀ bá ti ń rọ, tí ife ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó má dúró de ìparí ìdánwò kó tó lọ rí dókítà, nítorí iṣan tó bá ti pẹ́ jù nínú ìfúnpọ̀ lè má padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.