Ṣé Lẹ́tà Lásán Ti Tó, Àbí Ká Gbé Gbogbo Ojú Kọ̀ǹpútà Wá?

Ẹni tó ń tọ́jú ìkànnì fún iléèwé tàbí ilé ìtajà kì í sábà fojú rí kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì náà dúró. Sáfà lè wà ní Lọ́ńdọ̀n, kí òun jókòó sí Abẹ́òkúta. Ọ̀nà méjì ló lè gbà débẹ̀. Àkọ́kọ́ ni tẹ́mínà, ojú dúdú tí à ń tẹ àṣẹ sí, tí èsì sì ń jáde ní lẹ́tà. Èkejì ni kí ojú kọ̀ǹpútà ọ̀hún lódindi, tàwòrán tìfèrèsé, ṣí sórí tiwa, ká máa fi máòsì ṣe é bí ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á sáré mú èkejì, torí òun ni ojú rẹ̀ ti mọ̀. Tó bá jẹ́ sáfà Linux ni, èmi ò rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wo ẹrù tí íńtánẹ́ẹ̀tì máa rù. Ojú tẹ́mínà láti ayébáyé ní ìlà 24, ìlà kọ̀ọ̀kan sì gba lẹ́tà 80. Àpapọ̀ rẹ̀ kò ju lẹ́tà 1,920 lọ. Ojú kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ ní 1920 sí 1080 ní àmì àwọ̀ tíntìntín tó lé ní mílíọ̀nù méjì. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì mẹ́ta, àwòrán ẹyọ kan ti lé ní mẹ́gábáìtì 6. Lóòótọ́, wọ́n máa ń fún un pọ̀ kó lè kéré, ibi tó bá sì yí padà nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Àmọ́ tí èèyàn bá ti ń yí ojú ìwé lọ sókè sódò, gbogbo rẹ̀ ló ń yí padà, dátà á sì máa jó lọ.

Dátà nìkan kọ́ ni ìṣòro. Nǹkan tó ń dáni lágara jù ni ìdúró. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà, ẹni tó wà lórí tẹ́mínà lè tẹ odindi àṣẹ láìtíì rí lẹ́tà rẹ̀, kó tẹ Enter, kó sì dúró de èsì. Onímáòsì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí bọ́tìnnì kó tó tẹ̀ ẹ́, gbogbo ìgbésẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀n kó padà bọ̀.

Ká sọ pé sáfà iléèwé yẹn kékeré ni, tí mẹ́mórì rẹ̀ kò ju gígábáìtì 1 lọ. Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ gbé ojú aláwòrán àti VNC sórí rẹ̀, ó tún ṣí ètò tí wọ́n fi ń wo ìkànnì síbẹ̀. Ojú aláwòrán nìkan lè jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gábáìtì kó tó ṣí ohunkóhun. Nígbà tí mẹ́mórì tán, Linux á wá ètò tó ń jẹ ẹ́ jù, á sì pa á kí ìyókù lè mí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ wà gan-an ló máa kú. Àwọn òbí á ṣí ìkànnì, wọ́n á bá `Error establishing a database connection`. Kí ó tó pa sáfà kó tún un tàn, torí pé ìtàn inú àṣẹ kejì yìí ń pa rẹ́ nígbà náà, kó tẹ èyí:

```
free -h
sudo dmesg -T | grep -i "out of memory"
```

Bó bá rí `Killed process` àti `mariadbd` tàbí `mysqld` nínú ìlà kan náà, ọ̀ràn ti yé e. Kó yọ VNC àti ojú aláwòrán kúrò, kó sì tún ètò tó kú náà gbé dìde.

Kí ló tiẹ̀ fẹ́ fi ojú aláwòrán ṣe? Ó fẹ́ mọ bí dísíìkì ṣe kún tó: `df -h` á sọ fún un. Ó fẹ́ yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú fáìlì: `nano` wà níbẹ̀. Èyí tó kù ni ojú ìwé àbójútó kan tí inú sáfà nìkan ni wọ́n ti lè ṣí i, èyí ló sì máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn gbà pé kò sọ́nà mìíràn. Ọ̀nà wà. Ó lè gba inú SSH fa ojú ìwé náà wá sí kọ̀ǹpútà tirẹ̀:

```
ssh -L 8080:localhost:8080 ade@203.0.113.7
```

Lẹ́yìn náà, kó ṣí `http://localhost:8080` níbi tó jókòó sí. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ló máa ya àwòrán, ọ̀rọ̀ ojú ìwé nìkan ló ń rìnrìn àjò.

Ibì kan wà tí tẹ́mínà ti lè dójú tini. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí iṣẹ́ gígùn ń lọ lọ́wọ́, iṣẹ́ náà lè kú sáàárín. Ojú aláwòrán ti Windows kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ á máa bá iṣẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń kọ́kọ́ tẹ `tmux` kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó máa pẹ́. Bí ìlà bá já, wọ́n á padà wọlé, wọ́n á tẹ `tmux attach`, wọ́n á bá a níbi tó dé.

Àmọ́ iléèwé kan náà tún ní kọ̀ǹpútà Windows ní ọ́fíìsì akápò. Ètò ìṣírò owó tó wà lórí rẹ̀ kò ní àṣẹ kankan, bọ́tìnnì nìkan ló ní. Mọ́mì akápò pè.

"Ìwọ ọmọ yìí, nǹkan kan ti yọ síbí o, kò jẹ́ kí n ṣe ohunkóhun mọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Òyìnbó jàn-ànràn jan-anran ni. Bọ́tìnnì méjì ló wà nísàlẹ̀, èwo ni kí n tẹ̀?"

Tẹ́mínà kò wúlò níbí. Ohun tó ń wá kò sí ní lẹ́tà níbì kankan, ojú ló gbọ́dọ̀ fi rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá jẹ́ àwòrán tàbí máàpù ló fẹ́ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n kó ṣọ́ èyí tó máa mú. Bó bá lo RDP tó wà nínú Windows, ojú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mọ́mì á tì pa, wọn ò ní rí ohun tó ń ṣe. Windows Home kì í sì í gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ rárá. VNC, tàbí irú ètò tó ń jẹ́ kí ẹni méjì jọ wo ojú kan, ló bá ọ̀ràn yìí mu, kí mọ́mì lè rí bọ́tìnnì tó tẹ̀, kí wọ́n sì dá a ṣe lọ́jọ́ mìíràn. RDP dára nígbà tí kò bá sẹ́ni nídìí kọ̀ǹpútà.

Èyí tó bá mú nínú méjèèjì, kó má ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn ọ̀daràn tó ń ti fáìlì pa kí wọ́n lè gba owó ìtúsílẹ̀ máa ń wá ẹnu ọ̀nà 3389 ti RDP kiri. VNC ti àtijọ́ kì í ka ju lẹ́tà mẹ́jọ àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ aṣínà, kò sì bo ohun tó ń fi ránṣẹ́. Ní 1995, lẹ́yìn tí ẹnì kan ti jí ọ̀rọ̀ aṣínà kó lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yunifásítì tí Tatu Ylönen wà, ló ṣe SSH. Ọ̀nà bíbò yẹn náà lè gbé VNC, bó ṣe gbé ojú ìwé àbójútó lókè yẹn. Kìkì nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà ló máa yí padà, sí 5900 tàbí 5901.

Tó bá ti wọlé, kó pa àwòrán ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà, kó dín àwọ̀ kù, iṣẹ́ á yá sí i. Tó bá sì jẹ́ pé RDP ló lò, tó fi orúkọ ara rẹ̀ wọlé nígbà tí akápò ò sí nílé, kó má kàn tẹ X lórí fèrèsé kó sì lọ. Ètò ìṣírò á ṣì wà ní ṣíṣí lábẹ́ orúkọ rẹ̀, yóò di fáìlì mú, bí mọ́mì bá sì dé láàárọ̀ tí wọ́n fi orúkọ tiwọn wọlé, wọ́n lè bá a pé ẹlòmíràn ń lo fáìlì náà. `Sign out` ló yẹ kó tẹ̀.