Nígbà tí Agbowó-Gbèsè Bá Pè: Ẹ Kọ́kọ́ Wádìí Gbèsè Náà

Ní oṣù Keje ọdún 2025 ni Ọlọ́run fi ọmọkùnrin làǹtì-lanti kan ta ọ̀kan nínú àwọn mọ̀lẹ́bí wa lọ́rẹ ní Kúbúwà. A pé jọ ní ọjọ́ kẹjọ láti sọ ọmọ náà lórúkọ. Bí a ti fi oyin kan ọmọ lẹ́nu tán ni tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò àwọn àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ni ó wọ inú gbogbo wọn: pé bàbá ọmọ náà jẹ́ ajẹgbèsè tí ń sá kiri, pé ó jẹ 118,500 náírà, àti pé ẹnikẹ́ni tí ó bá rí àtẹ̀jíṣẹ́ náà gbà ni onídùúró rẹ̀. Ìyá ìyàwó gbà á, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ gbà á, àwa náà gbà á.

A kò ní dárúkọ bàbá ìkókó náà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ẹgbẹ́ wa kí ó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Ní ayé àwọn bàbá wa, ẹni tí ó ni owó ní í lọ sin gbèsè rẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú a máa lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó jẹ wọ́n, wọn kì í sì í dìde títí owó yóò fi dé. Ibẹ̀ ni a ti ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Ìtìjú ńlá ni fún onígbèsè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lóṣòó yẹn náà ni ó ta aṣọ, ojú rẹ̀ kì í ṣe àjèjì, onígbèsè sì mọ iye ọ̀pá aṣọ tí òun gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ń pe ènìyàn lórí tẹlifóònù lónìí ńkọ́? A kò rí ojú rẹ̀, a kò mọ ilé rẹ̀, ohùn lásán ni a ń gbọ́. Nítorí náà, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó jẹ́ àti bóyá gbèsè náà wà lóòótọ́.

Àṣìṣe tí bàbá ìkókó kọ́kọ́ ṣe nìyí. Nígbà tí ọkùnrin náà pè é, ẹ̀bẹ̀ ni ó fi dáhùn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣàánú mi, màá san án lọ́jọ́ Ẹtì." Ó ti gba 118,500 náírà sọ́rùn láìtíì ṣírò rẹ̀! Ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó wà níbẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Àbúrò, dákẹ́ ná. Lọ mú bírò àti ìwé wá." Nígbà tí ọkùnrin náà tún pè, ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ́ ọ ni ó bi í léèrè: Kí ni orúkọ yín? Ilé-iṣẹ́ wo ni ẹ ń gbowó fún? Ọjọ́ wo ni wọ́n yá mi lówó, eélòó ni ó sì wọ inú àkáǹtì mi? Eélòó ni mo ti san? Báwo ni ẹ ṣe ṣírò ìyókù? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi.

"Ta ni ìwọ tí o ń bi mí ní ìbéèrè? Sanwó!" Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà ṣe dáhùn. Ó mọ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n oṣù Kejì ni ó pè ní oṣù tí wọ́n yá owó náà, bẹ́ẹ̀ oṣù Kẹta ni. Ó wá ka nọ́ńbà àkáǹtì kan tí a ó sanwó sí. Orúkọ ènìyàn ni ó wà lórí àkáǹtì náà, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè BVN àti nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì báńkì, ó ní òun fẹ́ fi "yanjú ọ̀rọ̀ náà kíákíá." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tí ó yá yín lówó lóòótọ́ kò nílò nọ́ńbà káàdì yín kí ó tó lè sọ iye tí ẹ jẹ ẹ́. Kò sí ìdí kankan tí ẹ fi gbọ́dọ̀ pè é sí i létí, tàbí nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí báńkì bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín.

Àwa tí ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè mọ̀ pé bí èrò bá ní òun ti san owó ọkọ̀, ariwo rẹ̀ kọ́ ni à ń wò, ìwé ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbèsè rí. Bàbá ìkókó lọ sí báńkì rẹ̀, ó gba ìwé àkọsílẹ̀ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde láti oṣù Kẹta. A jókòó tì í. Ohun tí a rí nìyí: ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, 34,000 náírà wọlé láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà. Nínú áàpù tí ó fi yá a, àdéhùn sọ pé 40,000 ni ó yá, pé wọ́n yọ 6,000 kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, àti pé 46,000 ni yóò san ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin. (Ẹni tí ó gba 34,000 tí ó sì dá 46,000 padà lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ ti fi 12,000 lé e, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ó dé ọwọ́ rẹ̀ lọ. A bá a wí díẹ̀ lórí èyí.) Ní ọjọ́ tí ó dá, ó san 30,000. Oyún ìyàwó rẹ̀ wá gba owó ìyókù, ó sì gbàgbé.

Nítorí náà gbèsè wà, ṣùgbọ́n 16,000 ni, kì í ṣe 118,500. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ gan-an nìyí: irọ́ àti òótọ́ lè wà nínú gbèsè kan náà. Ẹni tí ó bá ní "n kò jẹ gbèsè kankan" ti purọ́, ẹni tí ó bá sì sanwó nítorí ìtìjú ti fi 100,000 ṣòfò.

Bàbá ìkókó kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà. Kì í ṣe nọ́ńbà tí ọkùnrin yẹn fún un ni ó lò, àdírẹ́sì tí ó wà nínú áàpù fúnra rẹ̀ ni. Ìwé náà kò gùn: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìṣirò gbogbo owó tí ẹ yá mi ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, owó tí mo ti san, àti ohun tí ó kù ránṣẹ́ sí mi. Kí ẹ tó fi í ránṣẹ́, n kò gba iye kankan tí ẹnikẹ́ni bá pè lórí fóònù." Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin èsì dé: 16,000, pẹ̀lú owó ìpẹ́sanwó 2,400, ó jẹ́ 18,400 náírà. Wọ́n ní àkáǹtì tí ọkùnrin náà kà kì í ṣe tiwọn.

Ìjọba kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko nítorí pé wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù onígbèsè. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, àti àwọn àjọ mìíràn já wọ àwọn ọ́fíìsì ayánilówó kan ní Òpébì ní Ìkẹjà. Ní oṣù Keje ọdún 2025 ni FCCPC gbé òfin tuntun jáde fún àwọn tí ń yáni lówó lórí fóònù. FCCPC ní àkójọ orúkọ àwọn tí ó gbà láàyè, ó wà ní fccpc.gov.ng. Ẹ fi orúkọ ayánilówó yín wé e lẹ́tà kan sí èkejì, nítorí àwọn kan a máa jí orúkọ tí ó jọ ti ẹlòmíràn lò. Bí kò bá sí nínú àkójọ náà, ẹ fi ẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa jẹ, owó tí ó wọ ọwọ́ yín kò tìtorí ìyẹn di ọ̀fẹ́.

Bí ẹ kò bá mọ nǹkan kan nípa gbèsè náà rárá ńkọ́? Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan fi BVN yín yá owó. Òfin ọdún 2017 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti rí ìwé àkọsílẹ̀ gbèsè yín gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún lọ́dọ̀ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀, bíi CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Orúkọ ẹni tí ó yáni lówó, ọjọ́ àti iye tí ó kù ni ẹ ó rí nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ayánilówó kéékèèké ni ń fi orúkọ ránṣẹ́ síbẹ̀ o, nítorí náà ẹ wo ìwé báńkì yín pẹ̀lú. Ní ti àwọn àlejò ìsọmọlórúkọ wa, ẹni tí kò gbà láti ṣe onídùúró, tí kò sì fọwọ́ sí ìwé kankan, kì í ṣe onídùúró, bí nọ́ńbà rẹ̀ tilẹ̀ wà nínú fóònù onígbèsè.

Wọ́n tún halẹ̀ mọ́ bàbá ìkókó pé ọlọ́pàá ń bọ̀. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tí ó yẹ̀ nìkan. Bí ó bá jẹ́ ìwé irọ́ ni ẹnìkan fi yá owó, tàbí tí ó kọ ìwé sọ̀wédowó sí àkáǹtì tí kò sí owó nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ní ọjọ́ kejì, ìwé kan dé lórí Wásáàpù pẹ̀lú òǹtẹ̀ pupa, "Ìkìlọ̀ Ìkẹyìn." Ìwé agbowó-gbèsè kì í ṣe ìwé ìpè ilé-ẹjọ́. Èyí tí ó bá dárúkọ ilé-ẹjọ́ tí ó sì ní nọ́ńbà ẹjọ́, ẹ má ṣe jù ú nù. Ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé ilé-ẹjọ́ náà, kí wọ́n wo nọ́ńbà náà nínú ìwé wọn. Dídákẹ́ kò dára pẹ̀lú. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ ti fún báńkì tí a jẹ lówó láyè láti yọ owó rẹ̀ nínú àkáǹtì mìíràn tí ó wà lórí BVN ẹni náà.

Bàbá ìkókó san 18,400 sí àkáǹtì tí orúkọ ilé-iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Kò dẹwọ́ títí wọ́n fi kọ ìwé fún un pé kò jẹ wọ́n mọ́. Ó ya àwòrán gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ó kọ nọ́ńbà àti aago tí wọ́n fi pè sílẹ̀, ó sì kó wọn pẹ̀lú ẹ̀sùn rẹ̀ lọ sí FCCPC ní òpópónà Nile ní Màítámà. Ọkùnrin náà tún pè lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá ìkókó ka ìwé ilé-iṣẹ́ náà sí i létí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ kí kíkà náà tó parí.

Ó fi ẹ̀dà ìwé náà han ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́ àti ìyá ìyàwó rẹ̀. Màmá ní kí ó wá jẹun. Ọmọ náà ti hu eyín méjì báyìí.