Ta Ni Yóò Ṣírò, Ta Ni Yóò Kọ, Ta Ni Yóò Dúró Sọ̀rọ̀?

Bí olùkọ́ sìtátísíìkì bá ti pín kíláàsì ní mẹ́ta-mẹ́ta, kì í pẹ́ tí ẹnì kan fi ń dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí Wasáàpù. Ẹ jẹ́ ká pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tiwa ní Bísí, Kọ́lá àti Ṣadé. Ìlà kan péré ni Ṣadé kọ́kọ́ fẹ́ fi ránṣẹ́: “Bísí á ṣírò, Kọ́lá á kọ ọ́, èmi á dúró sọ̀rọ̀.” Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń dáhùn irú ìyẹn pẹ̀lú “ó dáa”, tí oníkálùkù á sì bá tiẹ̀ lọ.

Ìpín náà dọ́gba lójú. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí Bísí yóò fi lé Kọ́lá lọ́wọ́, kò sì sọ ẹni tí yóò ṣe ìpinnu tó lè yí ìdáhùn padà. Nínú iṣẹ́ dátà, irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ wà, ó sì máa ń fara pa mọ́ sínú ọ̀rọ̀ kékeré kan.

Ká fi dátà kan tó gbajúmọ̀ wò ó. Ní 1905, Cushny àti Peebles tẹ àbájáde àyẹ̀wò kan jáde lórí àwọn oògùn tó ń múni sùn. Ní 1908, William Sealy Gosset, òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí Gínẹ́ẹ̀sì ní ìlú Dọ́búlìn, mú nọ́ńbà aláìsàn mẹ́wàá nínú rẹ̀ láti fi ṣàlàyé ọ̀nà ìṣirò tuntun tó wà fún dátà tí kò pọ̀. Ilé iṣẹ́ náà kì í fẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde, ló bá pe ara rẹ̀ ní Student. Títí dòní, orúkọ yẹn ni ìdánwò t ń jẹ́ nínú àwọn ìwé ẹ̀kọ́. Dátà náà wà nínú R, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ṣírò; `sleep` ni orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Aláìsàn kọ̀ọ̀kan lo oògùn méjèèjì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n sì kọ wákàtí tí oorun rẹ̀ fi lé sílẹ̀. Oògùn kìíní fi wákàtí 0.75 kún oorun wọn ní àròpín, èkejì fi 2.33 kún un. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 1.58, ìyẹn wákàtí kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni bóyá iṣẹ́ oògùn ni ìyàtọ̀ yìí tàbí ó kàn ṣèèṣì.

Bísí jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ èyí:

```r
g1 <- sleep$extra[sleep$group == 1]
g2 <- sleep$extra[sleep$group == 2]
t.test(g1, g2, paired = TRUE)
```

R dá a lóhùn pé p jẹ́ 0.0028. Ìyẹn kéré gan-an sí 0.05 tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń ṣe ààlà, Bísí sì kọ ọ́ pé ìyàtọ̀ wà. Nílé tirẹ̀, Kọ́lá fẹ́ ṣe tábìlì tó rẹwà. Ó tún ìṣirò náà ṣe fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ `paired = TRUE`. Tirẹ̀ mú p jáde ní 0.079, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀rí kò tó. Dátà kan náà ni, àròpín kan náà ni, ìdáhùn wá di méjì nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo.

Bísí ló jàre. Àwọn aláìsàn yìí yàtọ̀ síra gidigidi. Oorun ẹnì keje fi wákàtí 3.7 lé sí i nígbà tó lo oògùn kìíní, ó sì fi 5.5 lé sí i pẹ̀lú èkejì. Oorun ẹnì kẹrin dín ní 1.2 pẹ̀lú oògùn kìíní, 0.1 péré ni èkejì sì fi kún un. Bí a bá kó wọn sọ́tọ̀ bí ẹni pé èèyàn ogún ni wọ́n, ìyàtọ̀ àárín èèyàn á bo ti àárín oògùn mọ́lẹ̀. Ohun tí `paired` ń ṣe ni pé ó ń fi ẹnì kọ̀ọ̀kan wé ara rẹ̀. Lọ́nà yẹn, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló sùn jù pẹ̀lú oògùn kejì, ẹnì karùn-ún nìkan ni kò rí ìyàtọ̀ kankan.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ì bá ti dènà gbogbo èyí kò ju báyìí lọ:

“Ẹ kú alẹ́ o. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká rí ara wa lọ́la lẹ́yìn kíláàsì, ká fẹnu kò lórí ìbéèrè wa àti irú ìdánwò tá a máa lò. Lójú tèmi, aláìsàn kan náà ló lo oògùn méjèèjì, torí náà ká lo `paired = TRUE`. Ẹni tí kò bá gbà, kó sọ ọ́ níbẹ̀. Bísí, jọ̀ọ́, tó bá di Ọjọ́rú, fi kóòdù, tábìlì kan, àwòrán kan àti ohun tó o rí ní ìlà mẹ́ta ránṣẹ́. Kọ́lá, inú fáìlì Bísí nìkan ni kó o ti mú nọ́ńbà. Èyí tó bá rú ẹ lójú, bi í, má tún un ṣe fúnra ẹ. Ọjọ́ Ẹtì là ń retí tìẹ. Èmi ni màá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n láti Ọjọ́rú ni màá ti máa fi ìbéèrè dà yín láàmú. Ọjọ́ Àìkú, ká jọ ka gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé òun ò ní lè bá ọjọ́ tòun, kó tètè pariwo.”

Àwòrán tí Ṣadé béèrè yẹn kì í ṣe fún ẹwà. Bí Bísí bá fi àmì kan dúró fún ìyàtọ̀ tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan rí, ojú gbogbo wọn á lọ sára ẹnì kẹsàn-án. Oògùn kìíní kò fi nǹkan kan kún oorun rẹ̀, èkejì fi 4.6 kún un. Òun nìkan ló fa àròpín sókè: bí a bá yọ ọ́, ìyàtọ̀ 1.58 á di nǹkan bíi 1.24. Ìdáhùn kò ní yí padà, nítorí pé àwọn tó kù sún mọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí Kọ́lá sọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀.

Iṣẹ́ Kọ́lá náà ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ó rọrùn láti kọ ọ́ pé p 0.0028 túmọ̀ sí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé oògùn kejì dára jù. Kì í ṣe ohun tó ń sọ nìyẹn. Ó ń sọ pé, ká ní oògùn méjèèjì kò yàtọ̀ rárá, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹta nínú ẹgbẹ̀rún ni a ó rí irú ìyàtọ̀ ńlá yìí. Ó sì yẹ kó wo orísun dátà: Gosset fúnra rẹ̀ ṣi orúkọ àwọn oògùn náà kọ ní 1908, àwọn mìíràn sì dà á kọ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé tó bá kàn da ọ̀rọ̀ Gosset kọ á gbé àṣìṣe náà síwájú.

Ní ti Ṣadé, kíka ohun tó wà lórí síláìdì fún kíláàsì kò le. Ìbéèrè tó lè dé bá a ni pé, “Kí ló dé tẹ́ ẹ fi lo `paired`?” Gbólóhùn kan tó fún un: aláìsàn kan náà ló lo oògùn méjèèjì. Bí kò bá lè sọ ọ́, máàkì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa dín kù.