Owó Oṣù Òṣìṣẹ́ Márùn-ún ní Gonzagueville

Ní Gonzagueville, lójú ọ̀nà tó ti Port-Bouët lọ sí Grand-Bassam, ṣọ́ọ̀bù tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kì í ṣe nǹkan tuntun. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ti Ẹjigbò àti agbègbè rẹ̀ wá sí Àbíjàn ló gbé igbá kiri kó tó di pé wọ́n ń gba èèyàn síṣẹ́. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ṣì jẹ́ ti ìyá àtọmọ, inú àpò ni owó ti ń jáde, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé. Àmọ́ gbàrà téèyàn bá ti ní òṣìṣẹ́ tó ń san owó oṣù fún, òfin Côte d'Ivoire sọ pé kó forúkọ ara rẹ̀ àti ti òṣìṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CNPS. Àjọ yìí ló ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, owó ìtọ́jú ọmọ, owó ìsinmi ìbímọ àti ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́.

Ká ní obìnrin kan ń ta ohun èlò ìkọ́lé níbẹ̀, ó sì ní òṣìṣẹ́ márùn-ún. Mẹ́rin nínú wọn ń gba sẹ́fà 75,000 lóṣù. Òfin kò gbà kí owó oṣù kéré sí iye yẹn láti oṣù January 2023. Ẹnì karùn-ún tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ń gba 150,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 450,000. Owó ọkọ̀ tó ń fún wọn lọ́tọ̀ kò sí nínú ìṣirò yìí, torí pé tí owó ọkọ̀ kò bá ti kọjá iye tí òfin gbà láyè, wọn kì í yọ owó ìfẹ̀yìntì lára rẹ̀.

Owó ìfẹ̀yìntì ló tóbi jù. Nínú sẹ́fà 100 tí òṣìṣẹ́ bá gbà, sẹ́fà 14 ló máa lọ síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ á san 6.30 látinú owó rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ á sì fi 7.70 kún un látinú àpò ara rẹ̀. Lára ẹni tó ń gba 75,000, wọ́n á yọ 4,725, ìyálé ọjà á sì fi 5,775 kún un. Ti ẹni tó ń gba 150,000 jẹ́ ìlọ́po méjì iye yẹn. Tá a bá kó ti àwọn márààrún pọ̀, 28,350 ló ti ara òṣìṣẹ́ wá, 34,650 ló ti ara ọ̀gá wá.

Ohun tó kù, ọ̀gá nìkan ló ń san án. Ó ń san 5.75 lórí sẹ́fà 100 fún ìtọ́jú ọmọ àti ìsinmi ìbímọ. Ó tún ń san owó ìjàǹbá ẹnu iṣẹ́, tó máa ń wà láàárín 2 sí 5, bí iṣẹ́ náà bá ṣe léwu sí. Méjèèjì yìí kì í kọjá orí 75,000 àkọ́kọ́, torí náà ẹni tó ń gba 150,000 kò náni ju àwọn yòókù lọ níbí. Ká mú 2 fún ṣọ́ọ̀bù yìí. Ìtọ́jú ọmọ àti ìbímọ á jẹ́ nǹkan bíi 21,560 lóṣù fún àwọn márààrún, ìjàǹbá á sì jẹ́ 7,500. Apá kékeré tó wà fún ìbímọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Tí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ obìnrin bá bímọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni òfin fún un láti sinmi, CNPS ló sì máa ń ru owó oṣù rẹ̀ lásìkò náà. Ìdààmú á bẹ̀rẹ̀ tí ọ̀gá bá ti jẹ àjọ náà ní gbèsè.

Lápapọ̀, ohun tó yẹ kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yìí lóṣù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 92,100. Ètò ìlera CMU tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn: sẹ́fà 1,000 lórí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lóṣù. Òṣìṣẹ́ á san 500, ọ̀gá á san 500.

Owó orí yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Láti January 2024, wọn kì í gba owó orí lórí 75,000 àkọ́kọ́, nítorí náà mẹ́rin nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà kò ní san ohunkóhun. Ti ẹnì karùn-ún, wọ́n á mú 16 nínú sẹ́fà 100 lórí 75,000 tó lé, ìyẹn 12,000. Bó bá jẹ́ àpọ́n, gbogbo rẹ̀ ló máa san. Bó bá ti gbéyàwó tí kò tíì bímọ, wọ́n á dín 11,000 kù fún un, á ku 1,000. Tọ́mọ kan bá ti wà, ohun tí wọ́n máa dín á ju owó orí náà lọ, kò sì ní san nǹkan kan. Ọ̀gá tí kò béèrè ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ọjọ́ìbí ọmọ lè máa yọ owó tí kò yẹ lára òṣìṣẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsanwó ló ń kó àwọn oníṣọ́ọ̀bù kéékèèké sí wàhálà jù. Tó o bá ní òṣìṣẹ́ tí kò tó 20, oṣù mẹ́ta mẹ́ta lo máa ń sanwó fún CNPS. Ti oṣù January sí March, kó tó di April 15 kọjá ni kí wọ́n ti san án. Èyí tó tẹ̀ lé e, July 15, lẹ́yìn náà October 15, lẹ́yìn náà January 15. Ní ti owó orí, oṣooṣù ni, ó sì máa ń tó di ọjọ́ 15 oṣù tó tẹ̀ lé e. Oníṣọ́ọ̀bù tó bá rò pé ọjọ́ kan náà ni méjèèjì á pẹ́ san ọ̀kan, wọ́n á sì fi owó ìtanràn kún un.

Oṣù mẹ́ta yẹn dà bí ojú rere, ó sì ní ìṣòro tirẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, owó CNPS tó ń kó jọ kí April 15 tó dé lé ní 276,000, tá ò tíì ka CMU. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ tó dín díẹ̀ sí ọ̀kan, nǹkan bí 85,000, ti kúrò nínú owó àwọn òṣìṣẹ́ tipẹ́. Oníṣọ́ọ̀bù tó fi í ra símẹ́ǹtì ń fi owó ẹlòmíì ṣòwò. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kó máa gbé 92,100 yẹn sọ́tọ̀ lọ́jọ́ tó bá ń san owó oṣù, kó gbé e síbi tí ọwọ́ ọjà kò ti lè tó o.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń sanwó déédéé pàápàá máa ń gbàgbé. Owó oṣù mẹ́ta mẹ́ta yẹn máa ń dé ọ̀dọ̀ CNPS lápapọ̀. Ìwé míì tí wọ́n ń pè ní DISA, tí ọ̀gá máa ń fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ọdún bá parí, ló ń sọ ẹni tó ni owó: orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà rẹ̀, iye oṣù tó fi ṣiṣẹ́ àti iye tó gbà. Bí DISA ò bá dé, tàbí tí nọ́ńbà kan bá yí padà, owó ti wọlé, àmọ́ ọdún yẹn kò ní hàn lórúkọ òṣìṣẹ́.

Ìyàtọ̀ tí ìyẹn ń ṣe kò kéré. Ọdún 60 ni èèyàn máa ń fẹ̀yìn tì, ó sì gbọ́dọ̀ ti san owó náà fún ọdún 15 kó tó lè gba owó ìfẹ̀yìntì lóṣooṣù. Ká ní olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́ni ọdún 44. Tó bá pé 60, ọdún 16 ló ti lò. Tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ títí tí ọdún méjì àkọ́kọ́ fi kọjá, ọdún 14 ló máa hàn. Wọ́n á fún un ní owó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí.

Òṣìṣẹ́ kò ní láti dúró di ọjọ́ yẹn kó tó mọ̀. Kó kọ́kọ́ wo ìwé owó oṣù rẹ̀, kó rí i pé nọ́ńbà CNPS wà níbẹ̀, kó sì fi 6.30 lórí 100 yẹ ìṣirò wò. Lẹ́yìn náà, kó béèrè àkọsílẹ̀ ọdún iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ CNPS lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Tí wọ́n bá ń yọ owó lára rẹ̀ lóṣooṣù, tí ọdún kan ò sì hàn níbẹ̀, kó mú ìwé owó oṣù ọdún náà dání lọ bá ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí ìwé ṣọ́ọ̀bù ṣì wà nílẹ̀.